Ẹja Wẹ́wẹ́ Teegunteegun fún Ọmọ Tí Kì Í Rí Mílíìkì Mu

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá kì í yéé bi mí níbi tábìlì ìlera tí a máa ń gbé síta lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Bí mo bá ti wo ìfúnpá wọn tán, wọ́n á rọra sún mọ́ mi, wọ́n á ní, "Àǹtí, owó mílíìkì ti ju agbára wa lọ. Kí ni ká máa fún ọmọ kí eegun rẹ̀ lè le?" Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti gbà lọ́kàn wọn pé ọmọ tí kò bá ti mu mílíìkì inú agolo, eegun rẹ̀ kò lè le mọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń wá lọ sínú mílíìkì nítorí eegun ni èròjà kan tó ń jẹ́ kálísíọ́mù. Òun ló ń mú kí eegun àti eyín le. Kì í ṣe ara màlúù nìkan ló wà. Bí ó ti wà nínú eegun tiwa, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú eegun ẹja. Ẹran ara ẹja fúnra rẹ̀ kò ní púpọ̀. Inú eegun ló pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó jẹ ẹja ńlá, tó sì tu eegun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ti jẹ ohun tó ń mú ara dàgbà, ṣùgbọ́n ológbò ló kó kálísíọ́mù fún. Ẹni tó jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tórí tìrù, tó rún eegun rẹ̀ mọ́ ẹran rẹ̀, ti jẹ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta ni. Ìyá rẹ̀ gbé e wá nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta bí ọrun, bó bá sì ti rìn díẹ̀, á ní kí wọ́n gbé òun. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú nítorí oyún mìíràn. Mo ní kí ìyá ka gbogbo ohun tí ọmọ náà jẹ lánàá fún mi, láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ní àárọ̀, ògì àti àkàrà kéékèèké méjì. Ní ọ̀sán, àmàlà, ọbẹ̀ ata àti ewédú díẹ̀. Ní alẹ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, pẹ̀lú ègé ẹja tútù kan tí ìyá fara balẹ̀ yọ gbogbo eegun inú rẹ̀ kí ó má baà há ọmọ lọ́fun. Ìyá yìí kò fi ebi pa ọmọ rẹ̀. Inú ọmọ yó, ara rẹ̀ sì dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ ka kálísíọ́mù inú oúnjẹ náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àgbàdo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kálísíọ́mù rárá, nítorí náà ife ògì kan tí kò sí mílíìkì nínú rẹ̀ kò lè fún ọmọ ní miligíráàmù 10. Àkàrà méjì náà lè ní bíi 20. Àmàlà ní díẹ̀, ìrẹsì ní díẹ̀, ègé ẹja tí kò léegun náà ní díẹ̀. Ewédú ló ní tó nǹkan jù lọ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n síbí méjì péré ni wọ́n bù fún un. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ju nǹkan bíi 150 sí 200 lọ.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ nípa àrùn eegun ọmọdé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kan tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó rọrùn láti rántí. Ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, tí kálísíọ́mù tó ń jẹ lóòjọ́ kò tó miligíráàmù 300, ewu wà fún eegun rẹ̀. Bó bá ti ju 500 lọ, ó tó láti dènà àrùn náà. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣì jìnnà sí 300, ká tó wá máa sọ̀rọ̀ 500.

Ríkẹ́tì ni orúkọ àrùn tó ń mú kí eegun ọmọ rọ̀, tí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀. Nínú ìwé tí àwa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, àìrí oòrùn ni wọ́n sọ pé ó ń fà á, nítorí oòrùn ló ń jẹ́ kí awọ ara wa ṣe fítámì Dí, èyí tó ń ran kálísíọ́mù lọ́wọ́ láti wọ inú ara. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ìlú òyìnbó mu, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn tó. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe sọ pé ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣeré ní ìta ní Nàìjíríà kò rí oòrùn? Ìyẹn ló mú kí àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Jọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí mìíràn ní àwọn ọdún 1990.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Jọ́ọ̀sì, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ló ṣe kedere jù. Wọ́n mú ọmọ 123 tó ní ríkẹ́tì, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ fítámì Dí nìkan, àwọn kan lo kálísíọ́mù nìkan, àwọn yòókù gba méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n ya fọ́tò eegun wọn, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú àwọn tó gba fítámì Dí nìkan, nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 ni ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá tán. Nínú àwọn tó lo kálísíọ́mù nìkan, ìdá 61 ni. Oòrùn kọ́ ló wọ́n àwọn ọmọ náà. Kálísíọ́mù ló wọ́n wọn. Èyí tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ kò ju nǹkan bíi miligíráàmù 200 lọ lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ ọdún mẹ́ta wa yìí.

Mo ní láti fi kún un, kí n má baà tan yín, pé àwọn ọmọ àdúgbò kan náà tí ẹsẹ̀ wọn tọ́, oúnjẹ tiwọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ. Ara ọmọ kan lè fara da àìtó kálísíọ́mù ju ti òmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá kan fi lè tọ́ ọmọ mẹ́rin pẹ̀lú ògì àti àmàlà, kí ẹsẹ̀ mẹ́ta tọ́, kí ti ẹ̀kẹrin tẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Iṣẹ́ mìíràn tó jáde láti Jọ́ọ̀sì ní ọdún 2015 ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ oṣù yìí. Wọ́n lọ ẹja gbígbẹ pọ̀ mọ́ eegun rẹ̀, wọ́n fún àwọn ọmọ kan tó ní ríkẹ́tì. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Wọ́n díwọ̀n méjèèjì kí kálísíọ́mù inú wọn lè sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan miligíráàmù lójúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé, ó ju ìdajì lọ nínú ọ̀wọ́ méjèèjì tí eegun wọn ti le padà. Ẹja lílọ̀ náà kò kéré sí ẹfun rárá. Ohun tí ìyá lè rà ní ọjà, kó sì lọ̀ ní ilé, ṣe iṣẹ́ oògùn.

Ẹja wo ni ká wá rà? Ẹ wá èyí tí ó kéré, tí eegun rẹ̀ á rún bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ṣáwá kéékèèké tí wọ́n yan gbẹ dára. Yọ̀yọ̀ tí wọ́n dín gbẹ, tí à ń jẹ tórí tìrù, dára fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Edé tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ náà ní kálísíọ́mù. Sàdíìnì inú agolo dára púpọ̀ nítorí pé wọ́n ti sè é títí eegun rẹ̀ fi rọ̀ bí ẹ̀wà, agolo kékeré kan tí a jẹ teegunteegun sì lè ní ju miligíráàmù 300 lọ. Ohun tí mo máa ń rí ni pé bí àwọn kan bá ti ṣí i báyìí, wọ́n á la ẹja náà sí méjì, wọ́n á fa eegun àárín yẹn yọ, wọ́n á jù ú nù. Ohun tí wọ́n fi owó rà gan-an ni wọ́n jù nù yẹn. Ní ti ẹja àrọ̀, pańla àti títù, ẹ jẹ ẹran ara wọn, ó dára fún ara, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ ohun tó ń fún eegun lókun.

Bí ẹ ó ṣe lọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ ṣa òkúta, iyanrìn àti ẹja tó bá ti bu kúrò. Bí ìfun rẹ̀ bá tóbi, ẹ yọ ọ́ kí ó má baà korò, ṣùgbọ́n ẹ fi orí àti eegun ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ yára fi omi ṣàn án kí iyanrìn lè jáde, kí ẹ sì tún un sá sínú oòrùn, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi í sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tí kò pọ̀, kí ẹ máa rò ó. Ó ti gbẹ tó nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó sì dá lójijì, tí kò tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gún un lódó tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ láìfi omi sí i, kí ẹ sì fi asẹ́ kù ú.

Ibi asẹ́ yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sísàlẹ̀ ni ẹran ẹja, nítorí pé òun ló tètè ń kúnná. Ohun tó kù sórí asẹ́, tó ń gún ni lọ́wọ́, eegun ni. Bí ẹ bá da ìyẹn nù, ẹ ti da kálísíọ́mù nù. Ẹ dá a padà sínú odó, kí ẹ gún un, kí ẹ tún kù ú, títí tí kò fi ní ṣẹ́ kù mọ́ tàbí tí èyí tó ṣẹ́ kù kò fi ní tó síbí kan. Asẹ́ náà ni kò ní jẹ́ kí eegun há ọmọ lọ́fun, nítorí náà ẹ má ṣe torí pé iṣẹ́ ń ya yín lẹ́nu kí ẹ má kù ú. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, kí ẹ má lọ̀ ju èyí tí ẹ ó lò fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bó bá ti ń rùn kíkan tàbí tó bu, ẹ dà á nù.

Ní ti iye, síbí ìjẹun kan tí a rẹ́ lójú jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 7. Kálísíọ́mù inú ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ yàtọ̀ láti oríṣi kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí a bá fojú bù ú sí gíráàmù 2 nínú 100, síbí méjì lóòjọ́ á fún ọmọ ní nǹkan bíi 280. Ẹ fi ìyẹn kún 150 sí 200 tí ọmọ ọdún mẹ́ta wa ti ń rí tẹ́lẹ̀, ó di 430 sí 480. Bí wọ́n bá wá fi kún ewédú rẹ̀, kí ó di síbí mẹ́rin dípò méjì, ó ti kan 500. Láìra agolo mílíìkì kan. A máa ń ro síbí kan mọ́ ògì ní àárọ̀, a ó sì da ìkejì sí ọbẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́. Bí ọmọ kò bá fẹ́ òórùn ẹja nínú ògì, ẹ fi í sínú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà sísè, kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdajì síbí kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó ń yún un tàbí ẹnu rẹ̀ wú, nítorí pé ẹja kì í bá gbogbo ara mu.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú ẹja gbígbẹ ni oògùn apakòkòrò. Àwọn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run nínú òwò wọn máa ń wọ́n òtápíápíá sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Iná kò lè lé e kúrò tán, bẹ́ẹ̀ ni fífọ̀ náà kò lè fọ̀ ọ́ tán. Bí ẹja bá ń rùn bí oògùn, tàbí tí eṣinṣin kan kò bà lé e nígbà tí wọ́n bo ti ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ ra ti ẹni tí ẹ mọ̀. Bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi iyọ̀ pa, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó sá a, kí ẹ má sì fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọmọ mọ́.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ̀fọ́ ní kálísíọ́mù. Tẹ̀tẹ̀ tútù gíráàmù 100 lè ní nǹkan bíi 200. Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan á sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre, èròjà mìíràn wà tó ń jẹ́ ọ́sálétì. Ó máa ń di kálísíọ́mù mú gírígírí, wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí wọ́n wọn ti ẹ̀fọ́ òyìnbó tí à ń pè ní sípínáàṣì, nǹkan bíi 5 péré nínú 100 kálísíọ́mù inú rẹ̀ ló wọ ara ènìyàn, nígbà tí ti mílíìkì lé ní 25. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ tó ní 200 lè má fún ara ju 10 tàbí díẹ̀ sí i lọ.

Àṣà àwọn ìyá wa tó máa ń bọ ẹ̀fọ́, tí wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wúlò níhìn-ín. Apá kan nínú ọ́sálétì náà máa ń yòrò sínú omi, ó sì ń bá omi náà lọ, nígbà tí púpọ̀ nínú kálísíọ́mù ń kù sínú ewé. Àwọn kan ní kí ẹ má da omi ẹ̀fọ́ nù nítorí fítámì inú rẹ̀. Òótọ́ ni pé fítámì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ní ti gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, èmi fara mọ́ àwọn ìyá wa: ẹ bọ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fún un. Pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ da ẹja lílọ̀ sí i, kí ọ́sálétì má baà tún di kálísíọ́mù inú ẹja mú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ẹ ń rí kéèlì rà, ọ́sálétì inú rẹ̀ kéré, kálísíọ́mù rẹ̀ sì ń wọ ara dáadáa, kódà ju ti mílíìkì lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn tiyín kò tó, ẹ má ṣe dá fítámì Dí tí wọ́n ní kí ẹ máa fún ọmọ dúró.

Àwọn kan á ní kí àwọn kúkú ra kálísíọ́mù oníhóró. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kálísíọ́mù kábónéètì miligíráàmù 500, kálísíọ́mù gidi inú rẹ̀ jẹ́ 200. Ìyókù jẹ́ ohun tí wọ́n fi gbé e. Èyí tó bá jẹ́ kápúsù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀, nítorí pé ara ẹran ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ nínú irú awọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Yálà oníhóró ni o, yálà ẹja lílọ̀, ẹ má ṣe lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn tẹtirasaikílìnì àti sípírófílọ́kísáásìnì. Kálísíọ́mù máa ń di àwọn oògùn yẹn mú, wọn kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹ fi wákàtí méjì ó kéré tán sí àárín wọn.

Mo ní kí ìyá ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí pé oúnjẹ ló ń dènà àrùn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ nílò dókítà. Ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè tẹ̀ díẹ̀ láìsí àrùn kankan, á sì tọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ tó ti kọjá ọdún méjì dúró, kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín orúnkún. Ẹ fi ìka yín wọ̀n ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àlàfo náà bá ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, bí ọrùn ọwọ́ ọmọ bá nípọn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí kóńkó kóńkó bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹ má dúró. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀, ó lè jẹ́ àrùn mìíràn. Dókítà á ya fọ́tò orúnkún àti ọwọ́, á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á sì sọ iye kálísíọ́mù àti fítámì Dí tí ọmọ máa lò fún oṣù mélòó kan.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di igi mọ́ ẹsẹ̀ náà tàbí kí ó máa fi omi gbígbóná fà á. Eegun tó rọ̀ lè ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìrora ló máa ń kọ́kọ́ lọ, eegun á wá le, ẹsẹ̀ ló sì ń pẹ́ jù kí ó tó tọ́. Ti ọmọ kéékèèké sábà máa ń tọ́ fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ga. Èyí tí kò bá tọ́ lẹ́yìn tí eegun ti le dáadáa, tí ọmọ sì ti dàgbà sí i, ni wọ́n á gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun láti wò bóyá iṣẹ́ abẹ ló kàn.